Àárín Èmi àti Rìkúrútà Nígbà tí Iṣẹ́ Kò Tíì Sí

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe kì í pọ̀ lọ́jà. Ẹ̀rọ amú-nǹkan-tutù ńláńlá ni mò ń tọ́jú, irú èyí tó ń fi gáàsì amóníà ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ọtí bíà, nílé-iṣẹ́ áísìkiriìmù àti níbi tí wọ́n ń kó ẹja dídì pamọ́ sí. Fíríìjì ilé tó wọ́pọ̀ kì í lo amóníà, ẹ̀rọ amúlétutù inú ọ́fíìsì kì í lò ó, nítorí náà ẹni tó mọ fíríìjì tún ṣe kò tíì mọ tèmi. Bí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá jókòó, láti Ìkẹjà dé Àgbárá, láti Ọ̀tà dé Ṣágámù, a lè dárúkọ gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ń lò ó kí ìgò mínírà kan tó tán. Ọ̀gá ẹnjiníà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà sí ìdí rẹ̀. Bí ẹni yẹn bá ti jókòó, ó ti jókòó nìyẹn. Àfi kó fẹ̀yìn tì, kó japa, tàbí kí ilé-iṣẹ́ kọ́ ẹ̀ka tuntun, kò sí àyè tí yóò ṣí.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tí obìnrin rìkúrútà kan kọ́kọ́ pè mí, tó fi ìbéèrè gbo mí títí, ohun tó fi kásẹ̀ ọ̀rọ̀ nílẹ̀ ni pé: "Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní parọ́ fún yín. Kò sí iṣẹ́ tó bá yín mu lọ́wọ́ mi báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká máa gbúròó ara wa." Ọ̀pọ̀ èèyàn á gbọ́ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn bíi "a ó máa ríra" tí èèyàn ń sọ nígbà tó bá ń jáde lóde ìnáwó. Èmi gbà á bó ṣe sọ ọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ronú lórí ohun tí gbígbúròó ara ẹni yìí jẹ́ gan-an, nítorí ó yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe tọ́ wa láti máa kí èèyàn nílé Yorùbá.

Àkókò tí a pàdé kò dẹrùn rárá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni ìjọba jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ fún ọjà láti dá iye rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ń ra ohun èlò láti òkè òkun sì rí i lọ́jọ́ díẹ̀ pé owó tó ń tó tẹ́lẹ̀ kò tó mọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, GlaxoSmithKline kéde pé àwọn ń kó kúrò. Ní oṣù kejìlá, Procter & Gamble ní àwọn kò ní ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, kíkó wọlé ni àwọn yóò máa kó o. Nígbà tó di ọdún 2024, Nigerian Breweries sọ pé òun máa dá iṣẹ́ dúró fúngbà díẹ̀ ní méjì nínú ilé-iṣẹ́ ọtí mẹ́sàn-án tó ní. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún irú wa ni pé àwọn ẹnjiníà tó mọṣẹ́ dáadáa bọ́ sí ìta, bẹ́ẹ̀ àwọn ibi tí wọ́n lè wọ̀ ń dín kù. Nítorí náà, nígbà tí obìnrin náà ní kò sí iṣẹ́, kì í ṣe pé ó ń fọwọ́ rọ́ mi sẹ́yìn. Ó lè ṣàlàyé fún mi, ní ilé-iṣẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn, ìdí tí kò fi sí, láìdárúkọ ẹni tí kò yẹ kó dárúkọ. Títí di òní, irú àlàyé bẹ́ẹ̀ ni mo fi ń dá rìkúrútà gidi mọ̀. Ẹni tó bá sọ fún ọ pé iṣẹ́ ń bọ̀ láìpẹ́, tí kò lè sọ ìdí tí kò tíì fi dé, kò mọ ọjà náà.

Kókó kan wà tí ó yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ gbà kó tó lè bá rìkúrútà ṣe fún ọ̀pọ̀ oṣù láìbínú: kì í ṣe èmi ló ń ṣiṣẹ́ fún. Ilé-iṣẹ́ tó ń wá òṣìṣẹ́ ló ń san owó rẹ̀. Ìdá kan nínú owó ọdún àkọ́kọ́ ẹni tí wọ́n bá gbà ni wọ́n máa ń san fún ọ́fíìsì rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi 15% ṣe àpẹẹrẹ. Bí owó oṣù bá jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà, owó ọdún di mílíọ̀nù 12, ti rìkúrútà sì di mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rin ẹgbẹ̀rún. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n kò ní gba kọ́bọ̀ bí ẹni tó mú wá kò bá wọlé. Bí ẹni náà bá tún wọlé, tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, ọ̀pọ̀ àdéhùn ló ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn láìgbowó, tàbí kí wọ́n dá lára owó náà padà. Ọ́fíìsì bíi mẹ́ta lè máa lé ipò kan ṣoṣo náà, ẹyọ kan ni yóò sì jẹun níbẹ̀. Ẹni tí ń jẹun lọ́nà báyìí kò lè fi àárọ̀ rẹ̀ wá iṣẹ́ kiri fún mi. Ipò tó wà nílẹ̀ ló ń wá èèyàn sí. Bí ipò kò bá sí, orúkọ mi á jókòó sílẹ̀, kì í ṣe nítorí àìfẹ́ràn.

Nítorí ìyẹn náà ni kò fi yẹ kí owó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa ní kí ẹni tó bá fẹ́ máa gba èèyàn síṣẹ́ fún ẹlòmíràn gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1973 ni òfin ti ka gbígba owó lọ́wọ́ olùwáṣẹ́ léèwọ̀, bí a bá yọ irú iṣẹ́ bíi ti òṣèré sílẹ̀. Ẹni tó bá ní kí o san owó fọ́ọ̀mù, tàbí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí orúkọ rẹ tó wọ ìwé, ìwọ ló ń tà. Mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí irú wọn ju báyìí lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti kọ́kọ́ yà kúrò nínú ohun tí mo rò ni ọjọ́ tó ṣàlàyé bó ṣe ń rántí èèyàn. Mo rò pé orí ló fi ń rántí. Ó rẹ́rìn-ín. Àkójọ orúkọ wà nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún síífíì ló sì wà nínú rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá gbé ipò kan wá, ohun tó kọ́kọ́ ń ṣe ni pé kó tẹ ọ̀rọ̀ sínú àpótí ìwárí, irú èyí:

```
(ammonia OR NH3) AND (refrigeration OR chiller) AND (brewery OR "cold store")
```

Ohun tí èyí ń sọ fún kọ̀ǹpútà ni pé kó kó gbogbo ẹni tí síífíì rẹ̀ ní amóníà, tó tún ní ọ̀rọ̀ nípa ìtutù, tó sì dárúkọ ilé ọtí tàbí ibi tí wọ́n ń kó ẹja sí. Nílé-iṣẹ́ wa, orúkọ oyè tí wọ́n fún wa ni "Utilities Engineer", nítorí pé àwa náà là ń bójú tó omi, ooru àti afẹ́fẹ́ tó ń ti ẹ̀rọ. Ẹni tó bá kọ oyè yìí nìkan sórí síífíì rẹ̀, tí kò dárúkọ amóníà níbì kankan, kọ̀ǹpútà kò ní rí i, bó ti wù kó jẹ́ pé inú ẹ̀rọ amóníà ló ti ń sùn tó ti ń jí. Lẹ́yìn tí orúkọ bá jáde, yóò wo ohun méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tí wọ́n gbúròó ẹni náà kẹ́yìn, àti àkọsílẹ̀ kúkúrú tí rìkúrútà tó bá a sọ̀rọ̀ kọ síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn lè ti wà ní Kánádà. Iye tó ń gbà lè ti di ìlọ́po méjì. Rìkúrútà tí ilé-iṣẹ́ fún ní ọ̀sẹ̀ kan láti mú orúkọ márùn-ún wá kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí mo gbọ́ èyí ni ohun tí mò ń ṣe tó yé èmi fúnra mi. Kì í ṣe pé kí n máa mú orí obìnrin náà rántí mi. Ohun tó wà nínú ìwé wọn nípa mi ni kí n má jẹ́ kó di irọ́.

Iṣẹ́ tó yàtọ̀ síra gbáà ni méjèèjì. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n rántí òun á máa kíni: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ṣé àlàáfíà ni, mo ní kí n kàn yọjú." Láàárín wa, ìkíni yìí kì í ṣe òfo. Ẹni tí kì í kíni àfi ìgbà tó bá fẹ́ nǹkan, a mọ ohun tí à ń pè é. Ṣùgbọ́n fún rìkúrútà, ìkíni orí Wáàsáàpù kò ní ibi tó ń lọ. Yóò dáhùn pé "A dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n, a ó máa bára wa sọ̀rọ̀," ọ̀rọ̀ náà á sì rì sábẹ́ ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ mìíràn kó tó di alẹ́. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tó lè kọ sínú àkójọ. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni ìkíni tó ní ìrù: "Ẹ kú ọdún o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé nǹkan ti yọ?" Ìrù yẹn ti ba ọdún jẹ́, kò sì mú iṣẹ́ wá. Mo ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Bí Iléyá bá dé, mo ń kí i kú ọdún, ó sì parí síbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá wà, ímeèlì ni mo ń kọ, orí ìwé kan náà tí a ti ń bọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo sì ń kọ ọ́ lé, kí ẹni tó bá ṣí i lè rí gbogbo ìtàn wa láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Ìwọ̀n ìgbà tí mo ń kọ ọ́ kò ní òfin líle. Oṣù méjì sí mẹ́ta ló dà bí ẹni pé ó bá iṣẹ́ tèmi mu. Fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, bíi akáwǹtáńtì, ìyẹn lè pẹ́ jù. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí nǹkan kan ti yí padà. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí a bá tú ọ̀kan nínú wọn sí èdè wa, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju èyí lọ:

"Ẹ kú iṣẹ́. Èyí ni ohun tó yí padà láti ìgbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. A tú ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ńlá wa palẹ̀, a sì tò ó padà; èmi ni mo darí iṣẹ́ náà, a kò pe ẹnikẹ́ni láti òkèèrè. Owó oṣù mi ti gòkè, iye tuntun náà wà nísàlẹ̀, àti iye tí mi ò lè gbà kó dín sí i. A ti kó lọ sí Ìkòròdú, nítorí náà mo lè máa lọ sí Ṣágámù, ṣùgbọ́n Àgbárá ti kúrò níbẹ̀. Nótíìsì mi ṣì jẹ́ oṣù kan. Síífíì tuntun wà pẹ̀lú èyí. Ẹ kò nílò láti dá mi lóhùn."

Ẹ wo ohun tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ń ṣe níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń sọ ohun tí mo lè dá ṣe, pàápàá gbólóhùn pé a kò pe ẹnikẹ́ni láti òkèèrè, nítorí pé lẹ́yìn ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ tó ń fi dọ́là pe oníṣẹ́ láti Jámánì tàbí Dẹ́ńmáàkì ń wá bí yóò ṣe jáwọ́. Ọ̀rọ̀ owó kò ní jẹ́ kí ó fi mí sí ipò tí mi ò ní gbà. Nínú ọdún tí ọjà ń wọ́n lójoojúmọ́, iye tí èèyàn sọ ní oṣù kìíní lè ti di àwàdà ní oṣù kẹsàn-án. Ọ̀rọ̀ ilé gbígbé kò dà bí nǹkan, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ òun ló máa pinnu gbogbo rẹ̀, torí ẹ̀rọ amóníà lè bẹ̀rẹ̀ sí í tú ní aago méjì òru, gáàsì náà ń pani, ilé-iṣẹ́ sì fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n lè débẹ̀ kíákíá. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú kò lè ṣèlérí bẹ́ẹ̀ fún Àgbárá láéláé. Èyí tó kẹ́yìn, pé kò nílò láti dáhùn, òun náà ló jẹ́ kó máa ka ìwé mi. Ó sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀ pé lẹ́tà tó ń béèrè èsì nígbà tí kò sí èsì ló ń rẹ òun jù lọ.

Mo tún kọ́ láti wo ìgbà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń ṣe ìṣirò owó ọdún tó ń bọ̀ láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń pinnu bóyá wọ́n á gba èèyàn sí i. Ìwé tó bá dé ní oṣù kẹwàá lè bá rìkúrútà níbi tó ti ń bá ọ̀gá ilé-iṣẹ́ jíròrò. Èyí tó bá dé ní ọ̀sẹ̀ Kérésì kò bá ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá sì ti san owó ìmóríyá ọdún tó kọjá tán, àwọn tó ti fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, àyè wọn á ṣí. Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń bá oṣù kìíní bẹ̀rẹ̀ ọdún o. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, oṣù kẹfà ni Guinness Nigeria máa ń parí ọdún ìṣirò tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà ìgbà tí àwọn yòókù ń sùn ni tiwọn máa ń jí nígbà náà.

Láàárín àwọn oṣù wọ̀nyẹn, òun náà ń pè mí, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe nítorí mi. Ó lè fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó mọ fíríìjì onífúríọ́ọ̀nù lè kọ́ amóníà láàárín oṣù mẹ́fà. Mo sọ fún un pé ó lè kọ́ ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù amóníà, èyí tó ń jẹ́ kí èèyàn wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ kó tó ṣí fáàfù, ó ń gba àkókò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè béèrè bóyá mo mọ ẹnìkan tó lè lọ sí Kánò. Bí mo bá mọ̀, ẹni náà ni mo kọ́kọ́ ń pè. Bó bá gbà, mo fún un ní nọ́ńbà. Mi ò sọ iye tí ilé-iṣẹ́ mi ń san fún àwọn ọmọ abẹ́ mi, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó máa mọ̀. Rìkúrútà tó bá gbọ́ àṣírí ilé-iṣẹ́ rẹ lẹ́nu rẹ lónìí á dúpẹ́, yóò sì máa ronú ohun tí o máa sọ nípa ilé-iṣẹ́ tó bá fi ọ́ sí lọ́la. Àwọn ìpè yìí kò mú iṣẹ́ kankan wá fún mi. Síbẹ̀, lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ọjọ́ tí wọ́n gbúròó mi kẹ́yìn á tún di tuntun nínú ìwé wọn.

Lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ kan yọ. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ohun mímu inú ìgò ń wá ọ̀gá àgbà fún gbogbo ẹ̀rọ, owó rẹ̀ sì ju tèmi lọ dáadáa. Obìnrin náà fi gbogbo àlàyé ránṣẹ́. Mo kà á tán, mo rí i pé ẹ̀rọ tó ń rọ ohun mímu sígò àti èyí tó ń lẹ ìwé mọ́ ọn ló gba ọ̀pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ìtutù wà nínú rẹ̀ fún orúkọ lásán ni. Ohun tó rọrùn ni kí n kọ ọ́ pé "Ẹ ṣé, kò wù mí." Ohun tí mo kọ ni pé bí mo bá ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún méjì, ọwọ́ mi á ti kúrò nínú amóníà, bẹ́ẹ̀ òun ni ohun tí mo ní tí ẹlòmíràn kò ní, mo tún kọ ọ́ pé bí ìtutù bá jẹ́ ìdajì iṣẹ́ náà, màá lọ fún íńtáfíù, kódà kí owó rẹ̀ má ju tèmi lọ. Ó pè mí lọ́jọ́ kejì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ìdí. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀." Kíkọ̀ yẹn wúlò fún un ju gbogbo síífíì mi lọ, torí síífíì kì í sọ ohun tí èèyàn kò ní gbà.

Ewu kan wà tí àwa tí iṣẹ́ wa kò pọ̀ kì í tètè rí. Rìkúrútà láti ọ́fíìsì mìíràn lè pè ọ́ pé òun ní iṣẹ́ fún ọ ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn, kí o fi síífíì ránṣẹ́ kíákíá. Bí o bá fi ránṣẹ́, tó sì gbé e lọ sí ilé-iṣẹ́ kan náà tí rìkúrútà àkọ́kọ́ ti gbé ọ lọ, ìjà owó ti bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn nìyẹn, torí àwọn méjèèjì ló máa ní àwọn ló mú ọ wá. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kàn gbé síífíì rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìwọ kò sì ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láéláé. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé orúkọ mi lọ gbọ́dọ̀ dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà fún mi, kí n sì fi ímeèlì dáhùn pé mo gbà, kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní àwọn kò lè dárúkọ. Mo máa ń bi wọ́n pé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ mélòó ló wà níbẹ̀, kí ni wọ́n ń mú tutù. Bí wọ́n bá dáhùn méjèèjì, mo ti mọ ilé-iṣẹ́ náà. Ọjà wa kéré tó bẹ́ẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ mi kan béèrè báyìí, ó sì gbọ́ èsì tó bá ilé-iṣẹ́ òun fúnra rẹ̀ mu láti orí dé ẹsẹ̀. Ipò ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n ń wá èèyàn sí, ọ̀gá náà kò sì tíì gbọ́.

Nígbà tó yá, mo kọ̀wé, ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn. Obìnrin náà ti kúrò ní ọ́fíìsì yẹn. Èyí wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ wọn; iye tí wọ́n ní kí wọ́n mú wọlé lóṣooṣù ń lé ọ̀pọ̀ wọn kúrò. Mo pè é, ó ní òun ti lọ sí ibòmíràn, pé àdéhùn tí òun fọwọ́ sí kò jẹ́ kí òun bá àwọn oníbàárà àtijọ́ ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan, àti pé àkójọ orúkọ kò bá òun lọ. Gbogbo "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" orí Wáàsáàpù wà lórí fóònù rẹ̀, ó sì bá a lọ. Àwọn ímeèlì wà ní ọ́fíìsì. Mo bi í pé ta ló gba àyè rẹ̀, ó fún mi ní orúkọ, mo sì kọ̀wé sí ẹni náà lórí ìwé kan náà.

Ọmọkùnrin kan ni, kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún létí mi. Nígbà tó pè, kò ní kí n sọ ìtàn ara mi fún òun. "Ẹ káàárọ̀, sà. Mo ti ka gbogbo ohun tó wà níbí. Àgbárá kò ṣeé ṣe, Ṣágámù ṣeé ṣe, amóníà gbọ́dọ̀ tó ìdajì. Ṣé nótíìsì yín ṣì jẹ́ oṣù kan, sà?" Ó yà mí lẹ́nu bí inú mi ṣe dùn tó láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ara mi lẹ́nu ẹni tí mi ò rí rí. Mo ní rárá, wọ́n ti gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́, oṣù mẹ́ta ni nótíìsì mi báyìí. Òun gan-an ni ìdí tí mo fi kọ̀wé.

Ó dákẹ́ díẹ̀, mo gbọ́ ìró bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà. Ó ní ilé-iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ṣágámù ń gbèrò láti kọ́ ilé ẹja dídì tuntun, amóníà ni wọ́n sì fẹ́ lò. Ìgbìmọ̀ wọn kò tíì fọwọ́ sí owó rẹ̀, nítorí náà kò sí iṣẹ́ kankan tí òun lè fi lọ̀ mí lónìí. Ṣùgbọ́n èrò wọn tẹ́lẹ̀ ni pé bí ẹ̀rọ bá gúnlẹ̀ sí èbúté Àpápá ni àwọn á tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹnjiníà. Mo sọ fún un pé ẹni tó máa tọ́jú ẹ̀rọ amóníà ní láti wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń so páìpù, kó rí ibi tí fáàfù kọ̀ọ̀kan wà kí wọ́n tó fi ohun ìdáàbòbò bò ó, kó sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi gáàsì sínú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò: oṣù mẹ́ta nótíìsì, oṣù kan ó kéré tán fún íńtáfíù àti ìwé ìgbanisíṣẹ́. Ó ní òun á sọ fún wọn pé ọjọ́ tí wọ́n bá san owó ẹ̀rọ ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá èèyàn. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá òun lè kọ ọ́ sínú ìwé pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.